Wọ́n fi ₦150 lé owó kílò náílọ́ọ̀nù lórí ínfọ́ìsì: báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sí wọn?

Àdùkẹ́ Oníṣirò
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi ni mò ń mójútó ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe omi inú náílọ́ọ̀nù níbí ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló ń tẹ náílọ́ọ̀nù tí a fi ń di omi fún wa, kílò ni wọ́n sì fi ń tà á. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ni a fi ìwé àṣẹ ìrajà ránṣẹ́ sí wọn: ìdì 32, kílò 640, ₦3,150 fún kílò kan. Ọjọ́ 19 ni ọjà dé. Akọ̀wé sítóò wa gbé gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, kílò 640 pé géérégé, ó sì fọwọ́ sí wéèbíìlì.

Ọjọ́ kejì ni ínfọ́ìsì wọlé sórí ímeèlì mi. Kílò 640 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ₦3,300 ni wọ́n kọ fún kílò kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé owó ti gbéra.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà nira ni pé Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ náà ti ń bá ọ̀gá wa ṣòwò kí n tó débẹ̀. Ó máa ń gbà wá láyè láti sanwó lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, kò sì fi ìgbà kan já wa kulẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n kọ̀wé, ṣùgbọ́n kí n má ba ìbáṣepọ̀ jẹ́. Yorùbá la fi ń kọ̀wé síra wa. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ rèé, mi ò tíì fi ránṣẹ́:

> Ẹ kú iṣẹ́ o. Ínfọ́ìsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kò tọ̀nà, owó tí ẹ kọ síbẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kíákíá, nítorí a kò ní lè sanwó báyìí.

Kí ni kí n fi kún un, kí sì ni kí n yọ?

---

Bíọ́dún Kánmọ́kánmọ́
Àdùkẹ́, o ń da ara rẹ láàmú lásán. Má kọ ímeèlì kankan. Iye tó wà nínú ìwé àṣẹ ìrajà ni kí o san, torí òun ni àdéhùn. Yọ owó-orí àyọsílẹ̀ 5% tí à ń yọ fún ìjọba kúrò lórí gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí o fi ìyókù ránṣẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé owó ò pé, wọ́n á pè. Ìgbà yẹn lo máa ṣàlàyé. Ẹni tó bá gbé owó ọjà sókè láìsọ, òun ló yẹ kó máa wá àlàyé kiri.

---

Ìyá Adé Oníbúrẹ́dì
Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dénú. Èmi náà, lóṣù tó kọjá, báǹkì mi yọ owó lórí àkáǹtì mi lẹ́ẹ̀mẹta fún ohun kan ṣoṣo. Mo lọ síbẹ̀, wọ́n ní kí n kọ̀wé. Mo kọ̀wé, wọ́n ní kí n dúró. Títí di òní, owó mi ò padà. Kí lẹ ní kí n ṣe? Ṣé mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso báǹkì?

---

Alàgbà Ayẹ̀wéwò
Ìyá Adé, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọ̀rọ̀ báǹkì ní ọ̀nà tirẹ̀. Báǹkì Àpapọ̀ ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn oníbàárà, àmọ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn náà sùn ní báǹkì yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣí ojú ewé mìíràn fún un, màá dá yín lóhùn níbẹ̀.

Ó wá kan Àdùkẹ́. Ọmọ mi, o ṣe dáadáa bí o kò ṣe tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Ó wí pé owó pọ̀ jù, àmọ́ kò sọ iye tó fi pọ̀, ibi tó ti pọ̀, tàbí ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹni tó bá gbà á ní láti lọ wá ínfọ́ìsì náà jáde, kó wá ìwé àṣẹ, kó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ ohun tí ò ń wí. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí pé ó ta kò ọ́. O kò kàn fún un ní ohun tó máa fi ṣiṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí o tó tún un kọ, ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Èkíní, ta ló gba ìwé àṣẹ yín? Ìwé àṣẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ lásán, ìbéèrè yín ni, kò tíì di àdéhùn. Ọjọ́ tí wọ́n fèsì pé àwọn ti gbà á ni iye yẹn de tọ̀tún-tòsì. Ǹjẹ́ wọ́n fèsì? Kí ni wọ́n kọ? Ìkejì, ǹjẹ́ wọ́n ti fi ìkéde owó tuntun ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́ yín, bóyá sí ẹni tó ń bá wọn rajà, tàbí sórí fóònù ọ̀gá yín? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìkéde máa ń wọlé sórí Wáńsáàpù ẹnì kan, tí yóò sì kú síbẹ̀. Ìkẹta, mú ínfọ́ìsì tó ṣáájú èyí jáde. Èló ni wọ́n kọ níbẹ̀?

Bíọ́dún, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà: iye tí wọ́n gbà lórí ìwé àṣẹ ni ó yẹ kí wọ́n gbà. Àmọ́ sísan án láìsọ̀rọ̀ ló máa dá wàhálà sílẹ̀. Wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ìwé tiwọn. Ínfọ́ìsì náà dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, owó tó wọlé kò tó o, ìyókù á máa jókòó lórí orúkọ yín bí gbèsè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ wọn á kà yín mọ́ àwọn tó jẹ gbèsè tó ti pẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò náílọ́ọ̀nù ní kíákíá, ẹni tó ń kó ọjà jáde á ní wọ́n ti dá àkáǹtì yín dúró. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wéwò bá sì dé lópin ọdún, tí wọ́n kọ̀wé sí Alhaji láti béèrè iye tí ẹ jẹ ẹ́, iye tiwọn àti tiyín kò ní bára mu.

Owó-orí àyọsílẹ̀ ńkọ́? 5% lórí ọjà ti di ohun àtijọ́. Ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025, ti sọ ọ́ di 2%, ó sì yọ ẹni tó bá ta ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Alhaji ló ń tẹ náílọ́ọ̀nù náà nílé iṣẹ́ tirẹ̀, a kò níí yọ nǹkan kan. Kódà níbi tó bá ti yẹ kí a yọ ọ́, orí owó ọjà nìkan la ti ń ṣírò rẹ̀, a kì í ṣírò rẹ̀ mọ́ fáàtì.

---

Káyọ̀dé Olùtajà
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yìn káńtà, torí ilé iṣẹ́ tó ń tajà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni irú ímeèlì yìí máa ń wọlé sí.

Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Nínú ẹ̀rọ ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, ìwé iye ọjà kan wà tí ẹ̀rọ ti ń mú owó. Bí ọ̀gá bá gbé owó sókè, ẹnì kan á wọ inú rẹ̀ lọ yí i padà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ínfọ́ìsì tí wọ́n bá tẹ̀ ló máa gbé owó tuntun, títí kan ti ẹni tó ti béèrè ọjà ṣáájú, àfi bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá rántí láti fọwọ́ kọ owó àtijọ́ sí i. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ yín ní ọjọ́ 6 lè má jẹ́ ẹni tó tẹ ínfọ́ìsì ní ọjọ́ 19. Kò sí ẹni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ wà nínú ímeèlì yín gbangba. Bí o bá kọ ọ́ pé ọjọ́ 6 la béèrè, ọjọ́ báyìí lẹ gbà á, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó ka dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì ní ìwé tí a fi sọ iye fún yín ṣáájú, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. A máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó yìí wà fún ọjọ́ méje tàbí ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ẹ bá béèrè lẹ́yìn tí ọjọ́ náà ti kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ohun kejì ni ibi tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ má fi sí ẹni tó ń bá yín tajà nìkan. Ẹni tó ń bá yín ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí fóònù kò lè tún ínfọ́ìsì ṣe. Àwọn tó ń mójútó gbèsè oníbàárà ni kó lọ bá, kí ẹ wá fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olùtajà yẹn kí ó má baà rò pé ẹ fi òun sùn.

---

Àdùkẹ́ Oníṣirò
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ṣé, Bọ̀dá Káyọ̀dé. Mo ti wá gbogbo rẹ̀ jáde.

Wọ́n fèsì ní ọjọ́ 7. Ohun tí wọ́n kọ ni pé: "A ti gba ìwé àṣẹ yín 388, a ó kó ọjà wá bí a ti sọ." Wọn kò dárúkọ owó, ṣùgbọ́n owó wà nínú ìwé àṣẹ náà fúnra rẹ̀. Ínfọ́ìsì oṣù kẹrin gbé ₦3,150. Mo bi ọ̀gá mi àti ẹni tó ń rajà fún wa léèrè. Kò sẹ́ni tó rí ìkéde kankan. Nígbà tí mo pe ọ̀dọ̀ wọn láti béèrè ohun mìíràn, ọmọbìnrin tó gbé fóònù sọ ọ́ pé ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni owó tuntun bẹ̀rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń tẹ náílọ́ọ̀nù náà, mo mọ ilé ẹ̀rọ wọn.

Mo ti ṣírò rẹ̀ báyìí: ₦150 nígbà kílò 640 jẹ́ ₦96,000. Ṣé iye tí mo máa béèrè nìyẹn?

---

Alàgbà Ayẹ̀wéwò
Rárá o, ó kù díẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ ínfọ́ìsì náà. Wọ́n ti gbé fáàtì 7.5% lé owó tó pọ̀ jù yẹn pẹ̀lú. Ṣe é báyìí:

```
Ínfọ́ìsì:   640 x 3,300 = 2,112,000 + 158,400 = 2,270,400
Ìwé àṣẹ:   640 x 3,150 = 2,016,000 + 151,200 = 2,167,200
Ìyàtọ̀:                     96,000 +   7,200 =   103,200
```

₦103,200 ni ohun tí ẹ ń béèrè. Bí ẹ bá gbàgbé ₦7,200 yẹn, ẹ ti san owó-orí lórí owó tí ẹ kò jẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń ṣubú síbẹ̀, torí ojú wọn kàn ń wo ìlà tí owó kílò wà.

Ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni kírẹ́dìtì nóòtù tó dárúkọ ínfọ́ìsì náà, ìyẹn ìwé tí olùtajà fi ń dín iye ínfọ́ìsì kù. Má sọ pé kí wọ́n "tún un ṣe", nítorí ẹlòmíràn á kàn tẹ ínfọ́ìsì tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, tí àtijọ́ á ṣì wà nínú ìwé wọn, tí ẹ ó wá jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lójú ẹ̀rọ. Fáàtì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún ìjọba lórí ínfọ́ìsì yẹn náà, kírẹ́dìtì nóòtù ló máa fún wọn ní ẹ̀rí láti dín in kù.

---

Àlàbá Ìjẹ̀bú
Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, fáàtì yẹn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Àwa máa ń gba fáàtì tí a san lórí ọjà padà nígbà tí a bá ń kọ tiwa sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ₦7,200 náà á padà wá fúnra rẹ̀.

---

Alàgbà Ayẹ̀wéwò
Fún ilé iṣẹ́ tirẹ lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi mímu ni wọ́n ń tà. Lábẹ́ òfin ìnáwó ti 2019, omi wà lára oúnjẹ tí a kì í gba fáàtì lórí rẹ̀. Ẹni tí kì í gba fáàtì lórí ohun tó ń tà kò rí ohun tó máa fi yọ èyí tó san. Ó di ìnáwó tirẹ̀ pátápátá.

---

Àlàbá Ìjẹ̀bú
Mo gbọ́, ṣùgbọ́n òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2026 ti sọ oúnjẹ àwọn ènìyàn di ohun tí fáàtì rẹ̀ jẹ́ òdo, ìyẹn sì ń jẹ́ kí èèyàn gba èyí tó san padà. Ó yẹ kí Àdùkẹ́ bi agbani-nímọ̀ràn owó-orí wọn bóyá ti omi inú náílọ́ọ̀nù wà níbẹ̀.

---

Alàgbà Ayẹ̀wéwò
Ìbéèrè tó dára ni, kí ó béèrè. Kódà bó bá wà níbẹ̀, a kì í san owó tí a kò jẹ torí pé a máa gbà á padà lọ́jọ́ mìíràn.

---

Àdùkẹ́ Oníṣirò
Mo ti kọ òmíràn. Ẹ bá mi wò ó:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀ka ìṣirò. Ọlọ́run yóò máa bùkún iṣẹ́ yín. A dúpẹ́ fún ọjà tí ẹ kó wá. Nígbà tí a yẹ ínfọ́ìsì yín wò, a rí i pé ẹ fi owó lé owó kílò láìsọ fún wa, èyí tó yà wá lẹ́nu púpọ̀ nítorí pé ẹ jẹ́ ẹni tí a fọkàn tán. Ìwé àṣẹ wa sọ ₦3,150, ẹ kọ ₦3,300. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kírẹ́dìtì nóòtù ₦103,200 ránṣẹ́. Bákan náà, a fẹ́ béèrè bóyá ìwọ̀n páálí róbótó tó wà láàárín ìdì náílọ́ọ̀nù wà nínú kílò 640 yẹn, torí ó dà bí ẹni pé a ń san owó náílọ́ọ̀nù lórí páálí.

---

Káyọ̀dé Olùtajà
Ó ti dára ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́nà jíjìn. Ohun méjì péré ló kù.

"Láìsọ fún wa" àti "ó yà wá lẹ́nu", yọ wọ́n. Bí mo bá ka ìyẹn, àti gbèjà ara mi ni máa kọ́kọ́ ronú. Màá lọ wá ẹ̀rí pé a sọ fún yín. Bí o bá kàn to ọjọ́ àti iye síbẹ̀, kò sí ohun tí mo ní láti gbèjà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ páálí yẹn, mú un kúrò pátápátá. Ó lè jẹ́ òótọ́, òwò náílọ́ọ̀nù sì ti rí ìjà lórí rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ohun tí ẹ kò tíì bá wọn sọ tẹ́lẹ̀ ni. ₦150 ní ìwé lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe láàárọ̀ kan. Páálí nílò ìpinnu ọ̀gá. Bí o bá dì wọ́n pọ̀, èyí tó rọrùn á dúró de èyí tó le.

---

Ìyá Adé Oníbúrẹ́dì
Àdùkẹ́, èmi ò mọ̀wé ìṣirò, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí ọ̀gá rẹ pe Alhaji kí ímeèlì yẹn tó wọlé. Kó kàn sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ wa rí nǹkan kékeré kan nínú ìwé, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín." Ìyẹn nìkan. Kó má dárúkọ iye. Bí èmi bá kọ́kọ́ rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ akọ̀wé láìgbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀, inú mi kò ní dùn.

---

Alàgbà Ayẹ̀wéwò
Ìyá Adé, ẹ sọ̀rọ̀ àgbà. Ìpè náà dára, kò sì dí ìwé lọ́wọ́. Kí ọ̀gá má jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ lórí fóònù ṣáá, pé "a ó yọ ọ́ nínú èyí tó ń bọ̀". Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé.

Èyí ni èmi yóò kọ, Àdùkẹ́. Àkọlé ímeèlì náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà dání, kí wọ́n lè rí i nígbà tí wọ́n bá ń wá a:

> Àkọlé: Ínfọ́ìsì 2417, ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún: ìyàtọ̀ ₦103,200 sí ìwé àṣẹ 388
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o.
>
> A ti gba ọjà tó wà lórí ínfọ́ìsì 2417, ìdì 32, kílò 640, ó sì pé. A dúpẹ́.
>
> Owó kílò tó wà lórí ìlà àkọ́kọ́ ínfọ́ìsì náà jẹ́ ₦3,300. Ìwé àṣẹ wa 388 ti ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, tí ẹ fèsì sí ní ọjọ́ 7, gbé ₦3,150. A gbọ́ pé ọjọ́ 15 ni owó tuntun yín bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé òun ló wọ inú ínfọ́ìsì yìí.
>
> Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦150 lórí kílò 640, ìyẹn ₦96,000, pẹ̀lú fáàtì 7.5% tó jẹ́ ₦7,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦103,200.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kírẹ́dìtì nóòtù ₦103,200 tó dárúkọ ínfọ́ìsì 2417 ránṣẹ́ sí wa kí ọjọ́ 30 oṣù yìí tó pé. A ó san ₦2,167,200 tó kù ní ọjọ́ tó yẹ, kò ní yẹ̀.
>
> Bí ìwé kan bá wà lọ́wọ́ yín tó sọ pé ₦3,300 ni àdéhùn fún ọjà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn wá kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò.
>
> A so ẹ̀dà ínfọ́ìsì, ìwé àṣẹ, èsì yín àti wéèbíìlì mọ́ ọn.

Ìlà tó ní "bí ìwé kan bá wà", má yọ ọ́. Ó fi hàn pé ẹ ṣì ń gbọ́rọ̀, ó sì ń gba yín lọ́wọ́ ìtìjú bó bá jẹ́ pé ìkéde kan sọnù sí ọ̀dọ̀ yín. Ìdí tí mo fi dárúkọ ohun tí ẹ máa san ni pé kò yẹ kí gbogbo owó dúró nítorí ₦103,200. Ẹni tó bá di ₦2,270,400 mú lórí ìjà kékeré, wọn kò ní gbà á láyè ọgbọ̀n ọjọ́ mọ́.

---

Bíọ́dún Kánmọ́kánmọ́
Mo gbà pẹ̀lú lẹ́tà náà, Bàbá. Lórí ọ̀rọ̀ sísan apá kan, mi ò gbà. Bí o bá ti san ₦2,167,200, kí ló máa mú wọn yára ṣe kírẹ́dìtì nóòtù? Owó tí wọ́n fẹ́ ti wọlé. Èmi á di gbogbo rẹ̀ mú títí ìwé á fi dé.

---

Káyọ̀dé Olùtajà
Ilé iṣẹ́ tiwa á yára, torí gbèsè tó pẹ́ lórí ìwé máa ń fa ìbéèrè láti òkè. Mo sì mọ àwọn tí kò ní yára. Ó kù sí ọwọ́ ẹni tí èèyàn ń bá ṣòwò.

---

Títí, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un, torí ibi iṣẹ́ mi níhìn-ín ti rí i. Bí ìjíròrò lórí owó bá ti wà lórí ímeèlì, àwọn oníjìbìtì tó bá ti wọ inú àpótí ẹnì kan á máa kà á. Àárín ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà wọlé: "Kírẹ́dìtì nóòtù rèé, ẹ san ìyókù sí àkáǹtì tuntun wa." Bí èsì bá gbé nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn dání, Àdùkẹ́, má san. Pe nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, má pe èyí tó wà nínú ímeèlì náà. Wo orúkọ lẹ́yìn àmì @ náà dáadáa. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yí.

---

Àlàbá Ìjẹ̀bú
Báwo ni ẹ ṣe ń kọ irú ínfọ́ìsì bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tiyín kí kírẹ́dìtì nóòtù tó dé? Àwa máa ń kọ iye tí a gbà nìkan, ₦2,167,200, títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

---

Alàgbà Ayẹ̀wéwò
Èmi máa ń kọ gbogbo ₦2,270,400 sílẹ̀, kí n fi àmì sí i pé ọ̀rọ̀ wà lórí ₦103,200, kí n wá kọ kírẹ́dìtì nóòtù nígbà tó bá dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àkáǹtì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù á fi bá tiwa mu. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe gbèsè, kí la ṣe ń kọ ọ́ bí gbèsè? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ má ṣe yí i padà láàárín ọdún.

---

Àdùkẹ́ Oníṣirò
Ẹ kú ìdúródè o. Ọ̀gá mi pe Alhaji lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ̀wé, bí Ìyá Adé ṣe sọ. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Mo fi ímeèlì náà ránṣẹ́ bí Bàbá ṣe tò ó, sí ẹ̀ka ìṣirò wọn, pẹ̀lú ẹ̀dà fún olùtajà.

Èsì dé ní ọjọ́ kẹta. Bí Bọ̀dá Káyọ̀dé ṣe sọ gan-an ló rí: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò yí owó padà, ẹ̀rọ gbé ₦3,300. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì so kírẹ́dìtì nóòtù mọ́ ọn. Nọ́ńbà àkáǹtì kò yí padà. Ṣùgbọ́n ₦96,000 ló wà lórí kírẹ́dìtì nóòtù náà. Fáàtì kò sí níbẹ̀.

---

Alàgbà Ayẹ̀wéwò
Mo ti rí ìyẹn rí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gbé owó ọjà síbẹ̀, kò fi àmì sí i pé fáàtì wà lórí rẹ̀. Má kọ lẹ́tà tuntun. Fèsì lórí ímeèlì kan náà kí gbogbo ìtàn wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o kọ ìlà méjì: ẹ ṣé fún kírẹ́dìtì nóòtù ₦96,000, fáàtì rẹ̀, ₦7,200, ṣì kù kí ó tó di ₦103,200. Kí o wò ó pé èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ dárúkọ ínfọ́ìsì 2417, àti pé kì í ṣe pé wọ́n tẹ ₦103,200 tuntun lé ₦96,000 tó ti wà nílẹ̀. Ìyẹn á jẹ́ kí ìwé wọn fi hàn pé àwọn jẹ yín ní ₦96,000 tí kò tọ́ sí yín.

---

Àdùkẹ́ Oníṣirò
Mo ti fèsì. Mo ń retí wọn. Ọ̀gá mi ti san ₦2,167,200 ní tirẹ̀, kò dúró de ìyókù.

Lórí ọ̀rọ̀ páálí, mo ní kí akọ̀wé sítóò kó páálí róbótó tí a ti tú náílọ́ọ̀nù kúrò lórí wọn jọ, kí ó gbé mẹ́wàá lé òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ bóyá páálí wà nínú ìwọ̀n tàbí kò sí?

---

Káyọ̀dé Olùtajà
Àwọn kan ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́. Níbi tí wọn kò bá ti kọ ọ́, oníkálukú á máa ka èyí tó wù ú. Ẹ má béèrè owó ẹ̀yìn lórí rẹ̀, torí kò sí àdéhùn tí ẹ máa fi tì í lẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ tó ń bọ̀ pé kílò náílọ́ọ̀nù nìkan ni ẹ ń san, láìka páálí, kí ẹ wò bóyá wọ́n á gbà á ní ₦3,300 tàbí wọ́n á tún gbé owó kílò sókè láti fi dí i.

---

Ìyá Adé Oníbúrẹ́dì
Wọ́n á gbé e sókè.

---

Bíọ́dún Kánmọ́kánmọ́
Kí wọ́n gbé e sókè nígbà náà, kí a ṣáà mọ ohun tí a ń sanwó fún. Àdùkẹ́, jọ̀ọ́, sọ iye tí páálí mẹ́wàá yẹn wọ̀n fún wa.